Bí a ṣe ń fi páìpù omi wọn ìyípo ìmọ́lẹ̀ nínú omi ṣúgà

Bí ẹ bá po ṣúgà mọ́ omi tí ẹ sì tan iná gba inú rẹ̀, ojú lásán kò ní rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti omi tí kò ní nǹkan kan nínú. Inú gbígbọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ìmọ́lẹ̀ iná ilé máa ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ní ìlà kan pàtó. Tó bá gba inú bébà pólárọ́ìdì, kìkì èyí tó ń gbọ̀n lórí ìlà kan ṣoṣo ló máa kọjá. Bí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú omi ṣúgà, ìlà yẹn á máa yí díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún bó ṣe ń lọ. Móléku ṣúgà dà bíi bàtà: ti ṣúgà ìrèké jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, kò sí ẹsẹ̀ òsì kankan láàárín wọn tí ìbá máa yí ìlà náà padà sẹ́yìn. Ọdún 1815 ni Biot, onímọ̀ ará Faransé, ti rí i pé nǹkan olómi náà lè yí ìmọ́lẹ̀ báyìí.

Bí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rìn nínú omi náà bá ṣe gùn tó, àti bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlà náà á ṣe yí tó. Tí a bá pín ìyípo tí a kà sí ohun méjèèjì yìí, ohun tó kù jẹ́ ti ṣúgà náà fúnra rẹ̀. Òun là ń pè ní ìyípo pàtó:

```
[α] = α / (l × c)
```

α ni ìyípo tí a kà ní digirì, l ni gígùn omi ní dẹsimítà (10 sẹ̀ǹtímítà ni dẹsimítà kan), c sì ni giramu ṣúgà tó wà nínú mililítà omi ṣúgà kan. Ti ṣúgà ìrèké jẹ́ +66.5 ní ìwọ̀n ooru 20 digirì, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ sódíọ̀mù tó jẹ́ 589 nanomítà. Nọ́ńbà yẹn la fẹ́ fi irinṣẹ́ tí a ṣe fúnra wa lépa.

Ohun tí a nílò

Ẹ wá páìpù omi oníke tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó 2 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ gé 21 sẹ̀ǹtímítà níbẹ̀. Àjákù rẹ̀ kì í wọ́n lọ́dọ̀ àwọn púlọ́ńbà. Páìpù yìí máa gba bíi 66 mililítà, nítorí náà 100 mililítà omi ṣúgà tó ó kún. Kò ṣe nǹkan kan pé ojú kò ríran gba ara páìpù, torí òkè sí ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà.

Pólárọ́ìdì méjì wà lójú gbogbo kakulétọ̀ tó ti kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù àti kakulétọ̀ ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, wọ́n máa ń da ojú tó fọ́ nù. Ẹ rọra ṣí bébà náà kúrò lára gíláàsì, kí ẹ sì fi kẹrosíìnì díẹ̀ nu gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn, kí ẹ máa yí ọ̀kan: ó yẹ kí ojú rẹ̀ ṣú pátápátá níbì kan, kó sì mọ́ padà lẹ́yìn digirì 90. Ẹ dojú ọ̀kan dé kí ẹ tún dán an wò. Bí kò bá ṣú mọ́, bébà mìíràn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Gíláàsì tí a máa fi dí ìdí páìpù ló máa ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ má lo ike. Ẹ má sì lo gíláàsì ọkọ̀, torí wọ́n ti fi iná sé e kó lè le, ìnira tó wà nínú rẹ̀ sì ń da ìlà ìmọ́lẹ̀ rú. Gíláàsì fèrèsé lásán ló dára, èyí tó tẹ́jú tí kò ní ọnà lára. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi sáàárín pólárọ́ìdì méjì tó ti ṣú. Bí ó bá ṣì ṣú, ó dára. Bí ìmọ́lẹ̀ tàbí àwọ̀ òṣùmàrè bá yọ níbẹ̀, ẹ jù ú nù.

Ní ti iná, ẹ wá ẹ̀líidì kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ pupa díẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní 590 nanomítà. Òun ló súnmọ́ ti sódíọ̀mù jù. (Àwọ̀ sódíọ̀mù fúnra rẹ̀ ni ẹ máa ń rí bí iyọ̀ bá ta sínú iná gáàsì, ṣùgbọ́n a ò lè gbé iná gáàsì sábẹ́ páìpù.) Ẹ tún wá pùrótírátọ̀ ilé-ìwé, gọ́ọ̀mù sílíkónì, bébà dúdú, àti òṣùwọ̀n onínọ́ńbà tó ń ka ìdá mẹ́wàá giramu.

Títò ó

Ẹ fi sílíkónì lẹ gíláàsì mọ́ ìdí páìpù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ gé bébà dúdú róbótó méjì tí ihò àárín wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, ọ̀kan sábẹ́ gíláàsì, èkejì sí orí páìpù. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ta lára ògiri páìpù kó tó jáde ti gba ìlà mìíràn, kò sì ní jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣú dáadáa láéláé.

Abẹ́ gíláàsì ni pólárọ́ìdì àkọ́kọ́ máa wà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má lè yí. Ẹ̀líidì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láàárín ẹ̀líidì àti pólárọ́ìdì, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ẹ fi bírò ya àgbélébùú tín-ín-rín sí. Àgbélébùú yìí ni ojú wa máa wò, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa hàn láìpẹ́. Pólárọ́ìdì kejì ni ẹ máa lẹ̀ mọ́ ìdérí róbótó kan tó ń yí lórí páìpù, tó ní igi tín-ín-rín tó ń nàka sí pùrótírátọ̀. Pùrótírátọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ páìpù gbọin-gbọin. Ẹ gbé e bí nọ́ńbà rẹ̀ á ṣe máa pọ̀ sí i bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, tí ẹ bá ń wo iná láti òkè. Ìyípo tó bá tẹ̀ lé ọwọ́ aago ni a ń fi àmì ìròpọ̀ sí.

Kíkà òdo

Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí yàrá ṣókùnkùn. Ẹ kún páìpù pẹ̀lú omi lásán, píọ́ wọ́tà tó. Ẹ yí ìdérí títí ojú rẹ̀ fi ṣú.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á wá ibi tó ṣú jù, wọ́n á sì kà á. Ojú èèyàn kò lè rí ibẹ̀. Bí pólárọ́ìdì bá fi digirì méjì kúrò níbi òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ tó kọjá kò ju ìdá kan nínú 800 lọ. Ìdí nìyẹn tí òkùnkùn fi máa ń fẹ̀ bíi digirì mélòó kan, tí ẹni tó ń kà á á sì kàn máa méfò. Ṣùgbọ́n tí a bá kúrò níbẹ̀ tó digirì 13, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti ń kọjá. Níbẹ̀ yẹn, digirì kan péré ń yí ìmọ́lẹ̀ náà padà ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ojú sì máa mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ yí ìdérí sí òsì láti inú òkùnkùn títí àgbélébùú yẹn á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ padà sínú òkùnkùn, kí ẹ gba ọ̀tún yọ títí àgbélébùú á tún fi ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, kí ẹ kọ ìyẹn náà. Àárín méjèèjì ni òkùnkùn gidi wà, òun ni òdo tí a ó ti máa ka ìyípo. Ká ní ẹ ka 78 ní òsì àti 104 ní ọ̀tún, òdo yín jẹ́ 91. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì mú ìpíndọ́gba wọn. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra ju digirì kan lọ, ó lè jẹ́ pé ìdérí ń mì tàbí pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ibòmíràn wọlé.

Pípo ṣúgà

Ẹ wọn 20 giramu ṣúgà funfun. Ẹ dà á sínú bíi 60 mililítà omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ rò ó títí á fi yọ́, kí ẹ jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi kún un títí gbogbo rẹ̀ á fi jẹ́ 100 mililítà. Ẹ ṣàkíyèsí: gbogbo rẹ̀ ló máa jẹ́ 100. Ẹni tó bá da 20 giramu ṣúgà sínú 100 mililítà omi máa ní omi ṣúgà tó tó 112 mililítà lọ́wọ́, torí ṣúgà náà gba àyè tirẹ̀. Tó bá wá ṣírò rẹ̀ bíi pé 100 ni, ìyípo pàtó rẹ̀ á jáde ní nǹkan bíi 59, á sì máa rò pé ayédèrú ṣúgà ni wọ́n tà fún òun lọ́jà Kútọ̀.

Bí kò bá sí ìgò láàbù tó ní àmì 100, ẹ wá ìgò oògùn tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ fa ìlà kan sí ọrùn rẹ̀, ẹ wọn ìgò náà lófìfo, ẹ bu omi dé ìlà, kí ẹ tún un wọ̀n. Giramu kan omi jẹ́ mililítà kan. Ooru Abẹ́òkúta kò yí ìyẹn padà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìgò yín bá gba 118, kò burú, 118 ni ẹ máa fi pín giramu ṣúgà.

Ẹ dé ìgò náà, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí ẹ sì dá a padà bí ìgbà mẹ́wàá. Omi ṣúgà wúwo ju omi lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Tí ẹ bá wo inú ìgò tí ẹ rí nǹkan tó ń yí bí èéfín, kò tíì pò pọ̀. Bó bá dọ̀tí, ẹ fi òwú sẹ́ ẹ. Ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ fọ inú páìpù kí ẹ dà á nù, torí omi lásán tó ṣẹ́kù níbẹ̀ á là á, kí ẹ tó wá kún un. Ẹ dúró kí ìfóòfó lọ.

Ẹ ti rúlà irin bọ inú omi náà kí ẹ wọn jíjìn rẹ̀ láti orí gíláàsì ìsàlẹ̀ dé àárín ojú omi, níbi tó ti lọ sílẹ̀ jù. Àwọn rúlà oníke kan ní àyè bíi mílímítà mẹ́rin kó tó kan òdo. Mílímítà mẹ́rin nínú 200 jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe yẹn á sì bọ́ tààrà sínú èsì. Ká ní ẹ rí 19.9 sẹ̀ǹtímítà: l jẹ́ 1.99.

Ìṣirò

Ẹ kà á bí ẹ ṣe ka òdo. Ká ní òsì jẹ́ 104, ọ̀tún jẹ́ 130. Àárín wọn jẹ́ 117. Òdo jẹ́ 91, nítorí náà ìyípo jẹ́ 26 digirì.

```
c   = 20 / 100 = 0.200
[α] = 26.0 / (1.99 × 0.200)
    = 26.0 / 0.398
    = +65.3
```

66.5 ni a ń retí. Ṣé 65.3 yìí burú? Kò burú. Pùrótírátọ̀ ilé-ìwé kò lè dá wa lójú ju ìlàjì digirì lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la sì kà á, òdo àti ṣúgà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 0.7 digirì lórí 26, tí í ṣe bíi 1.8 lórí èsì wa. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: 65.3, àfikún tàbí àyọkúrò 1.8. Ẹni tó bá kọ 65.327 ń purọ́ fún ara rẹ̀.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo kò tó o. Ẹ po 10 giramu àti 30 giramu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú 100 mililítà, kí ẹ kún páìpù dé jíjìn kan náà. Ká ní ìyípo wọn jẹ́ 13.5 àti 39.5. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì:

```
(39.5 − 13.5) / (0.30 − 0.10) = 130
130 / 1.99 = +65.3
```

Ọ̀nà yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí pé òdo kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ká ní pùrótírátọ̀ fi digirì méjì sún lẹ́yìn tí ẹ ti ka òdo. Ìyípo 20 giramu á di 28, èsì rẹ̀ á sì fò lọ sí 70.4, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n digirì méjì yẹn wà lórí 13.5, ó wà lórí 39.5, tí ẹ bá sì yọ ọ̀kan nínú èkejì, ó ti lọ. Tí ẹ bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà gíráàfù tí ìlà wọn kò kọjá lára òdo, ẹ mọ̀ pé òdo yín ti yẹ̀.

Ìwọ̀n mẹ́ta yìí tún ń yanjú ọ̀rọ̀ kan. Pólárọ́ìdì kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, òkùnkùn máa ń padà wá ní gbogbo digirì 180. Ẹni tó rí +26 lè máa bi ara rẹ̀ bóyá −154 ni. Tí ṣúgà bá dín sí ìlàjì, +26 á di +13, ṣùgbọ́n −154 á di −77, tí í ṣe ibì kan náà pẹ̀lú +103. Kò sí bí èèyàn ṣe máa ṣi àwọn méjèèjì mú.

Bí nọ́ńbà bá kọ̀ tí kò bọ̀ sípò

Kọ́kọ́ wo iná. Ìyípo kì í dọ́gba fún gbogbo àwọ̀: bí àwọ̀ bá ṣe súnmọ́ búlúù tó ni ìyípo ṣe ń pọ̀ sí i. Ṣúgà ìrèké tó ń fún wa ní 66.5 lábẹ́ ìyeyè máa fún wa ní nǹkan bíi 54 lábẹ́ iná pupa 650 nanomítà, àti nǹkan bíi 82 lábẹ́ iná léésà ewé 532 nanomítà. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ àwọ̀ iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Tí iná funfun lẹ bá lò, ojú rẹ̀ kò ní ṣú rárá. Nínú páìpù wa, 20 giramu máa yí pupa ní bíi digirì 21, á sì yí búlúù ní bíi 47. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ń tàn. Àwọ̀ ni ẹ máa rí tó ń pààrọ̀ bí ẹ ṣe ń yí ìdérí. Ó lẹ́wà, ẹ fi han àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò ṣe é kà.

Ooru kọ́ ló ń fà á. Yàrá wa níbí lè tó digirì 30 nígbà tí ìwé ń sọ 20, àmọ́ ìyàtọ̀ tíyẹn mú wá fún ṣúgà ìrèké kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Pùrótírátọ̀ wa kò lè rí i.

Omi ṣúgà àná ló yẹ ká fura sí. Nínú ooru wa, ìwúkàrà tó ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú rẹ̀, á sì gé ṣúgà ìrèké sí glúkóòsì àti fúrúkítóòsì. Fúrúkítóòsì ń yí ìmọ́lẹ̀ sí òsì, nǹkan bíi −92, ó sì lágbára ju glúkóòsì lọ, tó fi jẹ́ pé àdàlù méjèèjì máa já sí nǹkan bíi −20. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún sínú ṣúgà gbígbóná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èsì bá ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irinṣẹ́, ẹ gbóòórùn ìgò náà wò. Omi ṣúgà ọjọ́ náà ni kí ẹ máa kà.

Glúkóòsì: ẹ má yára kà á

Glúkóòsì lẹ́búlẹ́bú ní ìwà kan tí ṣúgà ìrèké kò ní. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ sínú omi, ìyípo pàtó rẹ̀ jẹ́ bíi +112. Lẹ́yìn náà, móléku rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kí wọ́n tún pa dé lọ́nà mìíràn, ìyípo á sì máa rọlẹ̀ títí á fi dúró sí +52.7. Ẹni méjì tó ka ìgò kan náà ní wákàtí kan síra lè bá ara wọn jà lásán.

Èyí tí wọ́n ń tà sábà máa ń ní omi nínú hóró rẹ̀, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 20 giramu, 18.2 péré ni glúkóòsì, c sì jẹ́ 0.182. Nínú páìpù 1.99 wa, ìyípo máa bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí digirì 40, á sì dúró ní nǹkan bíi 19. Ẹ kà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ rí bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà ìkẹyìn nìkan, ẹ dé ìgò náà fún wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó kà á, tàbí kí ẹ kán amóníà díẹ̀ sí i, á dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé tí ẹ bá ń kán an, torí òórùn rẹ̀ ń ta èèyàn lójú. Nígbà tí kíkà mẹ́ta léraléra bá ti dọ́gba, ẹ mú nọ́ńbà yẹn, ẹ pín in sí 1.99 × 0.182, kí ẹ sì wo bó ṣe súnmọ́ 52.7 tó.